Mo fi asẹ́ ìwákiri Sales Navigator wá ẹni tó láṣẹ àtirà ọjà ní iléeṣẹ́ oúnjẹ: àgbéyẹ̀wò mi

Ọjà tí mò ń tà ni ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara mọ́tò àti pọ́ǹpù. Ó máa ń wọn bí mọ́tò ṣe ń gbọ̀n, kí àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ lè tètè mọ̀ pé ohun kan ti ń jẹ nínú rẹ̀ kó tó dákẹ́. Iléeṣẹ́ tó ń ṣe oúnjẹ àti ohun mímu ló nílò rẹ̀ jù lójú tèmi, torí bí pọ́ǹpù kan bá kú níbẹ̀, ohun tó wà nínú páìpù lè bàjẹ́ kí wọ́n tó tún un ṣe tán. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìdákẹ́ mọ́tò ń fún ní wàhálà àti ẹni tó ń fọwọ́ sí owó kì í sábà jẹ́ ẹnì kan náà. Torí àtimọ ẹni kejì yìí ni mo ṣe ń sanwó fún Sales Navigator, ohun èlò tí LinkedIn ṣe fún àwọn olùtajà. Asẹ́ ìwákiri rẹ̀, èyí tó ń sẹ́ àwọn tí mi ò fẹ́ kúrò nínú èsì, nìkan ni mo sì fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

LinkedIn ọ̀fẹ́ náà ní asẹ́. Ẹ lè yan ibi tí èèyàn wà, iléeṣẹ́ tó ń bá ṣiṣẹ́ àti ẹ̀ka òwò rẹ̀, kí ẹ sì tẹ orúkọ ipò tí ẹ ń wá. Ohun tí kò sí níbẹ̀ bí ẹ bá ń wá èèyàn ni bí iléeṣẹ́ wọn ṣe tóbi tó, bẹ́ẹ̀ òun ni iṣẹ́ tèmi dúró lé. Ó tún ní ìwọ̀n: bí ẹ bá wá èèyàn jù láàárín oṣù, yóò dá yín dúró títí di ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀.

Nínú Sales Navigator, ojú méjì ni ìwákiri ní. `Leads` ń wá èèyàn, `Accounts` ń wá iléeṣẹ́. Ọ̀pọ̀ olùtajà ló máa ń gba `Leads` lọ tààrà. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ ti `Accounts` bẹ̀rẹ̀, nítorí ohun tó ń ba ìwákiri jẹ́ jù ni ẹ̀ka òwò. Iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń fúnra rẹ̀ mú ẹ̀ka kan nínú èyí tí LinkedIn tò kalẹ̀ nígbà tó bá ń ṣí ojú-ìwé rẹ̀. Ẹni tó ń ṣe omi èso lè mú `Food and Beverage Manufacturing`, ẹlòmíràn tó ń ṣe irú rẹ̀ gan-an lè mú `Food and Beverage Services`, èyí tí ilé oúnjẹ pọ̀ sí. Bí ẹ bá yan ọ̀kan, ẹ ó pàdánù àwọn kan. Bí ẹ bá yan méjèèjì, ilé oúnjẹ yóò kún inú èsì yín.

Bí mo ṣe ń ṣe é ni pé mo máa ń yan méjèèjì ní `Accounts`, mo sì máa ń fi `Company headcount` mú 51-200 àti 201-500. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń ṣí ojú-ìwé iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wò. Ó ń gba àkókò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú ló ń mọ ibi tí ẹ̀rọ ti ń yí lóòótọ́ yàtọ̀ sí ibi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ kiri. Níbi `About`, ẹ ó rí iye òṣìṣẹ́ tí iléeṣẹ́ fúnra rẹ̀ kọ, ẹ ó sì rí iye àwọn tó so pùrófáìlì wọn mọ́ ọn. Nínú iṣẹ́ ọwọ́ bíi ti àwọn wọ̀nyí, iye kejì máa ń kéré jọjọ, torí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ kò sí lórí LinkedIn. Ẹ má ṣe torí bẹ́ẹ̀ rò pé iléeṣẹ́ náà kéré. Àwọn tó bá yege ni mo ń tọ́jú sínú àkójọ kan, mo wá ń lọ sí `Leads`, mo sì ń fi asẹ́ `Account lists` sọ fún un pé inú àkójọ yẹn nìkan ni kó ti wá èèyàn fún mi.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti wá dé orí ẹni tó láṣẹ. Asẹ́ `Seniority level` ló máa ń kọ́kọ́ fa ojú, torí ó ní `CXO`, `Vice President` àti `Director`. Èmi kì í gbára lé e. Láti ara orúkọ ipò tí èèyàn kọ ni wọ́n ti ń fojú díwọ̀n bí onítọ̀hún ṣe ga tó, bẹ́ẹ̀ orúkọ ipò kì í wọn bákan náà níbi gbogbo. Ní báńkì ńlá, `Vice President` lè pọ̀ lọ súà láìsí ẹni tó lè dá ra nǹkan nínú wọn. Ní iléeṣẹ́ oúnjẹ tó ní òṣìṣẹ́ bí ọgọ́rùn-ún méjì, ó lè jẹ́ ọ̀gá àgbà kan ṣoṣo ló wà lókè, kí mánéjà ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ sì tẹ̀ lé e. Mánéjà yìí kò jẹ́ dáírẹ́kítọ̀ rárá, síbẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ni owó àtúnṣe wà. Bí ẹ bá fi `Director` sẹ́ ìwákiri yín, òun gan-an lẹ máa sẹ́ dànù.

Nítorí náà, orúkọ ipò ni mo ń kọ sínú `Current job title`, báyìí:

```
("plant manager" OR "factory manager" OR "maintenance manager" OR "head of engineering") NOT (assistant OR intern)
```

Lẹ́tà ńlá ni kí ẹ fi kọ `OR` àti `NOT`, àmì ọ̀rọ̀ `"` sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó dúró ṣánṣán. Èyí tó tẹ̀, tó máa ń wọlé bí èèyàn bá dà á kọ láti inú ìwé tí wọ́n tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, kò ní ṣiṣẹ́. Ìdí tí `NOT` fi wà níbẹ̀ ni pé igbákejì mánéjà àti akọ́ṣẹ́ náà máa ń ní ọ̀rọ̀ "plant manager" nínú orúkọ ipò wọn.

Ẹ jẹ́ kí n fi iléeṣẹ́ omi èso kan ṣàpẹẹrẹ. Èèyàn mẹ́ta ló jáde níbẹ̀: mánéjà ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ, mánéjà àtúnṣe àti ẹnìkan tó pe ara rẹ̀ ní olórí ẹ̀ka ẹ̀rọ. Mo wá lo `Years in current position`, mo yan `Less than 1 year`, mánéjà ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ nìkan ló sì kù. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gorí ipò ṣì ń wo ohun tó yẹ kó yí padà, kò tíì so ara rẹ̀ mọ́ olùtajà kankan. Olórí ẹ̀ka ẹ̀rọ ní tirẹ̀ kò fi ohunkóhun síta látìgbà pípẹ́, nígbà tí mo sì tẹ iléeṣẹ́ náà láago, wọ́n ní ó ti lọ. LinkedIn ò lè mọ èyí bí onítọ̀hún kò bá yí pùrófáìlì rẹ̀ padà. Mánéjà àtúnṣe ni mo kọ́kọ́ kọ̀wé sí, torí òun ló mọ mọ́tò tó ń dákẹ́. Mo bi í léèrè ẹni tó ń fọwọ́ sí owó ohun èlò, ó sì dárúkọ mánéjà ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ tí asẹ́ fi sílẹ̀ fún mi.

Àbùkù tó wà níbẹ̀ ni pé kò sí asẹ́ kankan tó lè sọ iye tí ẹnì kan lè fọwọ́ sí láìbi ọ̀gá rẹ̀. Ìbéèrè bíi tòkè yìí nìkan ló ń fi hàn. Bí èsì yín ní `Leads` bá sì pọ̀ ju 2,500 lọ, kò ní ṣàfihàn ìyókù. Ẹ pín in sí wẹ́wẹ́ ní ibi tí wọ́n wà tàbí ní ìwọ̀n òṣìṣẹ́.

Ẹni tó ń wá oníbàárà mẹ́wàá péré kò nílò rẹ̀. Ibi `People` lójú-ìwé iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó fún un, ọ̀fẹ́ sì ni. Fún èmi, ó tó owó rẹ̀, pàápàá nítorí pé mo lè tọ́jú ìwákiri náà pamọ́, kó máa fi tó mi létí bí ẹni tuntun bá gorí ipò mánéjà nínú àwọn iléeṣẹ́ tó wà nínú àkójọ mi.