Síláìdì tó jẹ́ àwòrán lásán: èwo ló yẹ kẹ́ ẹ náwó lé?

PDF ni fáìlì tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi, síláìdì 38, ti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera. Ẹni tó ṣe é ti sọ síláìdì kọ̀ọ̀kan di fọ́tò kó tó kó wọn pọ̀. Téèyàn bá wò ó, kò sí àléébù kankan lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n fi máòsì fa orí ọ̀rọ̀ kan, kò ní í mú un. Wá "iyọ̀" nínú rẹ̀, kò ní í rí i. Ìdánwò yìí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe. Tó bá sì jẹ́ `.pptx` ni, ẹ wo àyè àkọsílẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ síláìdì kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀. Ìgbà míì, ibẹ̀ ni olùkọ́ kọ gbogbo àlàyé rẹ̀ sí.

Síláìdì kejìlá ni mo fi dán àwọn irinṣẹ́ tó ń yọ ọ̀rọ̀ jáde látinú àwòrán wò, torí òun ló le jù. "Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́" ló wà lókè rẹ̀, àtẹ omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tó ń ṣu gbuuru sì wà nísàlẹ̀: iyọ̀, ½ ṣíbí tíì; ṣúgà, ṣíbí tíì 6; omi, lítà 1.

Tesseract ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì nílò dátà lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti gbé e sórí kọ̀ǹpútà. Mo kọ́kọ́ jẹ́ kó kà á bíi Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tó kọ fún mi ni "E fi ose fo owo". Ta ló ní ká fọ owó? Irinṣẹ́ yòówù tẹ́ ẹ bá fi sí Gẹ̀ẹ́sì máa ń ṣe irú èyí, torí kò mọ àmì abẹ́ lẹ́tà, kò mọ àmì ohùn. Tesseract ní fáìlì èdè Yorùbá, `yor` lorúkọ rẹ̀. Ẹ ní láti gbé e wọlé lọ́tọ̀. Mo yọ síláìdì náà jáde ní 300 dpi, mo sì tún un kà:

```
pdftoppm -r 300 -f 12 -l 12 -png ilera.pdf s
tesseract s-12.png esi -l yor+eng
```

Àmì abẹ́ lẹ́tà padà wá. Àmì ohùn ṣì ń sọnù níbì kan, ó sì ń ṣì sórí lẹ́tà míì níbòmíì. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù ni àtẹ yẹn. Ó ka òpó àkọ́kọ́ tán látòkè délẹ̀ kó tó bọ́ sí ìkejì: iyọ̀, ṣúgà, omi, lẹ́yìn náà ni nọ́ńbà wá tẹ̀ lé ara wọn lọ́tọ̀. ½ ti di "%". Bí ẹnì kan bá to nọ́ńbà yẹn padà láìwo àwòrán, tó sì fún iyọ̀ ní ṣíbí 6, ọmọ ló máa mu ún. Nígbà tí mo fi `--psm 6` kún àṣẹ náà, ó kà á ní ìlà-ìlà, iyọ̀ sì dúró ti nọ́ńbà tirẹ̀. ½ ni mo fi ọwọ́ ara mi tún ṣe.

Google Drive rọrùn jù fún ẹni tí kò fẹ́ràn àṣẹ títẹ̀. Ẹ gbé fáìlì síbẹ̀, kẹ́ ẹ fi Google Docs ṣí i. Ọ̀rọ̀ á jáde sábẹ́ àwòrán. Òun fúnra rẹ̀ ló ń dá èdè mọ̀. Àtẹ àti òpó kì í sábà dúró bí wọ́n ṣe wà. Mo lè lò ó fún síláìdì márùn-ún, n kò ní í lò ó fún 38.

Acrobat Pro gba owó oṣooṣù. Tó bá jẹ́ síláìdì Gẹ̀ẹ́sì rẹpẹtẹ lẹ ní, ó yẹ: ojú ewé á dúró bó ṣe wà, ọ̀rọ̀ á sì wà lábẹ́ rẹ̀ fún wíwá. Fún Yorùbá, ẹ ṣí àkójọ èdè rẹ̀ lásìkò ìdánwò ọ̀fẹ́. Tẹ́ ò bá rí Yorùbá níbẹ̀, ẹ má sanwó.

Síláìdì 21 ni gbogbo wọn ti dúró. Àwòrán òpó gíga àti kúkúrú ni, oṣù wà nísàlẹ̀, nọ́ńbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n kó oṣù àti nọ́ńbà jáde, ṣùgbọ́n gíga òpó kì í ṣe lẹ́tà, kò sí èyí tó kà á. Irú síláìdì bẹ́ẹ̀ ni mo sanwó fún ẹni tó mọ Yorùbá kọ dáadáa. Mẹ́fà péré ni mo fún un, mo sì ní kó kọ ìtumọ̀ àwòrán ní gbólóhùn: "Àwọn ọmọ tó ń ṣu gbuuru pọ̀ jù nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀." Ẹ bá a dúnàá-dúrà ní iye síláìdì, kì í ṣe iye ọ̀rọ̀, torí gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn lè gbà á ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá.