Lẹ́tà tí ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì kọ sí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi

Lẹ́tà kan ṣoṣo ni mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín, kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ilé iṣẹ́ tó kọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ń gbé ní Agúdà, Sùúrùlérè, ó sì ní inṣọ́ránsì ẹ̀mí lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan ní Màríná. Bó bá kú, ₦3,000,000 ni wọn yóò san fún ìyàwó rẹ̀. Àfikún kan tún wà níbẹ̀: bó bá jẹ́ jàǹbá ló pa á, wọn yóò fi ₦3,000,000 mìíràn lé e. Ó ṣubú ní balùwẹ̀ lóru, ó sì kú sí ọsibítù. Dókítà kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló fa rọpárọsẹ̀, rọpárọsẹ̀ ló sì pa á. Lójú tiwa nílé, ẹni tó ṣubú, jàǹbá ló ṣe é. Ẹni tó máa kọ lẹ́tà sí wa ti bá wàhálà pàdé nìyẹn.

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Yorùbá tí mo fi kà á fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni mo ń sọ yìí. Wọ́n kí i kú ọ̀fọ̀ ní gbólóhùn kan, wọ́n dárúkọ ọkọ rẹ̀, wọn ò pè é ní "ẹni tí a ṣe inṣọ́ránsì fún". Kíá ni wọ́n mú owó dé: "₦2,548,000 ni a ó san fún yín." Wọ́n ṣírò rẹ̀ síbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti yá ₦400,000 lórí pọ́lísì náà, ìyẹn àdéhùn inṣọ́ránsì rẹ̀, èlé rẹ̀ ti di ₦52,000, wọ́n sì yọ méjèèjì kúrò nínú ₦3,000,000. Ìyàwó ò mọ̀ nípa owó yíyá yẹn rí. Wọn ò fi ìyẹn bú òkú, wọ́n kàn kọ ọjọ́ tó yá a, wọ́n sì fi ẹ̀dà ìwé tó fọwọ́ sí mọ́ lẹ́tà. Ó dùn ún, àmọ́ kò ní láti máa méfò.

Ìpínrọ̀ tó tẹ̀ lé e ló jẹ́ kí n kọ àgbéyẹ̀wò yìí. "A ò ní san owó àfikún jàǹbá." Gbólóhùn náà dá dúró gedegbe, wọn ò fi "ó ṣeni láàánú" bò ó mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣàlàyé pé jàǹbá nínú pọ́lísì náà ni ohun tó ti ìta wá ṣe ara léṣe, tí kì í ṣe àìsàn ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àti pé bí dókítà ṣe kọ ọ́, àìsàn ló ṣíwájú ìṣubú. Wọ́n kọ nọ́ńbà ojú ìwé tí a ti lè rí i. Wọn ò sọ pé ẹ̀gbọ́n mi ò tọ́jú ara rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí àwọn ẹbí kan ti ń sọ lábẹ́lẹ̀ nílé òkú (ẹ ṣáà mọ̀ wá). Wọ́n ní bí a bá ní ìwé dókítà tó fi hàn pé bó ṣe forí sọlẹ̀ ló pa á, kí a fi ránṣẹ́, wọn yóò tún un wò. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú ìwé tó wà lọ́wọ́ wọn, àwọn ò retí kí ìpinnu náà yí padà. Wọ́n fi kún un pé bí a ò bá gbà, a lè gbé ẹjọ́ lọ sọ́dọ̀ NÁÍKỌ̀M, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso inṣọ́ránsì.

Ọ̀rọ̀ "a ò retí" yẹn ni mo gbóríyìn fún jù. Ká ní "a ó ṣe àyẹ̀wò" nìkan ni wọ́n kọ, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ì bá ti máa fi ₦3,000,000 tí kò sí níbì kankan ṣètò owó iléèwé ọmọ.

Ibi tí wọ́n ti bà á jẹ́ ni ìwé kejì, èyí tí èèyàn máa ń fọwọ́ sí kí owó tó jáde, tí àwọn òṣìṣẹ́ wọn ń pè ní dísíṣáàjì fáúṣà. Lẹ́tà ní a ṣì lè bá wọn jà lórí àfikún. Fáúṣà ní a gba ₦2,548,000 "láti parí gbogbo ohun tí a lè bèèrè lórí pọ́lísì yìí". Ẹni tó bá fọwọ́ sí i ti ti ilẹ̀kùn tí lẹ́tà ṣí. Mo rò pé fọ́ọ̀mù àtijọ́ ni, tí ẹnikẹ́ni ò tún wò. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi fi í sílẹ̀ láìfọwọ́ sí, mo sì pe ọ́fíìsì. Obìnrin tó gbé e ní, "Ẹ má bínú, sà, ẹ̀yin lẹ jàre," ó sì fi fáúṣà mìíràn ránṣẹ́ tó dárúkọ owó ikú nìkan. Ìyẹn la fọwọ́ sí, owó sì wọlé.

Dókítà tó tọ́jú rẹ̀ sọ fún wa pé kò sí ọgbẹ́ lórí tó lè pani, a ò sì bá ọ̀rọ̀ àfikún lọ mọ́. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Fáúṣà ló jẹ ẹyọ kan tó kù, nítorí ẹni tí kò ní àbúrò tó lè pe ọ́fíìsì ì bá ti fọwọ́ sí i.