Ṣájà méjì, ẹnu kan náà: èwo ló máa gbé laptọ́ọ̀pù?

Ẹ wo ṣájà méjèèjì dáadáa, ẹnu USB-C ni wọ́n jọ ní, ohun tó ń tan èèyàn jẹ nìyẹn, torí ẹnu lè bára mu kí agbára má bára mu rárá. Ẹ wo ara ṣájà kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ wá ibi tí wọ́n kọ OUTPUT sí, ẹ fi INPUT sílẹ̀ jàre, iná ara ògiri nìyẹn.

Ti àkọ́kọ́ kọ 5V 3A àti 9V 2A, ó tán síbẹ̀. V lọ́nà A ló ń jẹ́ wáàtì, 9 lọ́nà 2 sì jẹ́ wáàtì 18, ti fóònù nìyẹn. Ìkejì ní 5V, 9V àti 15V, ó tún dé 20V 3.25A, ìyẹn wáàtì 65. Tí wọ́n bá kọ 20V 3.25A sí ìdí laptọ́ọ̀pù yín, ìkejì ni kẹ́ ẹ mú, torí tẹ́ ẹ bá ki àkọ́kọ́ bọ̀ ọ́ ó lè má gbà á rárá, tàbí kí bátìrì ṣì máa lọ sílẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń lò ó. Ìkejì ò sì ní ba fóònù jẹ́ o, 5V ló fi ń bẹ̀rẹ̀, àfi tí fóònù bá béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kébù ló kù. Èyí tí wọn ò kọ 5A, 100W tàbí 240W sí lára, ẹ kà á sí 3A, wáàtì 60 ló máa gbé.