Ọ́díìtà ọdọọdún tàbí olùwádìí jìbìtì?

Oníṣòwò sìmẹ́ǹtì kan ní Iléṣà bi mí pé: "Ẹ̀gbọ́n, ọ́díìtà yẹ ìwé wa wò, báwo ni akọ̀wé ṣe ń jí owó síbẹ̀?"

Ọ́díìtà máa ń ṣa díẹ̀ yẹ̀ wò nínú rìsíìtì. Àṣìṣe tàbí jìbìtì tó tóbi débi tí yóò yí àkáǹtì padà ló ń wá. Bí ẹ bá ta ọjà 200 mílíọ̀nù náírà lọ́dún, 3,000 tó ń yọ lójoojúmọ́ lè bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, kódà bó ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Olùwádìí jìbìtì yóò fi rìsíìtì kọ̀ọ̀kan wé àpò tó jáde, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ wọ́n, ibi tí ẹ ti fura nìkan ló sì ń wò.

Báǹkì ń béèrè àkáǹtì ọdọọdún iléeṣẹ́ yín? Ọ́díìtà ni. Àpò ń dín láìsí rìsíìtì? Ẹ pe olùwádìí.