Àgbéyẹ̀wò ẹ̀rọ tí ń fi ike tẹ nǹkan jáde: ohun tó ń dá a dúró láàárín iṣẹ́, àti bí a ṣe ń yẹ wáyà orí rẹ̀ wò

Ẹ̀rọ tí mo ń lò yìí jẹ́ irú èyí tó ń yọ́ ike, tó sì ń tò ó léra wọn ní ìpele-ìpele títí ohun tí a fẹ́ yóò fi dúró. Iná 24 fóòtì ló ń lò, sọ́fítíwíà Marlin ló sì ń darí rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ dán, ariwo rẹ̀ kò sì pọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kú láàárín iṣẹ́, tí ọ̀rọ̀ `Thermal Runaway` yóò sì hàn lójú rẹ̀.

Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí ọ̀rọ̀ yìí lè rò pé orí ẹ̀rọ ti gbóná jù, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohun tí ẹ̀rọ rí ni pé ooru ń lọ sílẹ̀. Nínú ètò tí Marlin máa ń bá wá, bí ooru bá fi ju dígírì 4 lọ sílẹ̀ sí ohun tí a pa láṣẹ, tí kò sì padà bọ̀ sípò láàárín ìṣẹ́jú àáyá 40, ẹ̀rọ yóò pa gbogbo iná rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé tẹmísítọ̀, ìyẹn ẹ̀yà kékeré tó ń wọn ooru, lè yọ kúrò nínú ihò rẹ̀. Bó bá yọ, yóò máa sọ pé orí ẹ̀rọ tutù, ẹ̀rọ yóò sì máa da iná sí ọ̀pá ìgbóná títí ike tàbí wáyà yóò fi gbiná. Ẹ̀rọ kò lè mọ̀ bóyá tẹmísítọ̀ ló ń purọ́ tàbí ọ̀pá ìgbóná ni kò ríná gbà, nítorí náà, èyí tó wù kó jẹ́ nínú méjèèjì, ó ń pa iná.

Àwa la lè mọ ìyàtọ̀ wọn. Mo so ẹ̀rọ mọ́ kọ̀ǹpútà, mo sì ní kó gbóná dé 200, kí n tó máa béèrè ooru rẹ̀ léraléra:

```
M104 S200
M105
```

Èsì tó wá nígbà tí ara rẹ̀ dá nìyí:

```
ok T:199.8 /200.0 B:30.0 /0.0 @:64 B@:0
```

`T` ni ooru orí, `B` sì ni ti pẹpẹ tí a ń tẹ nǹkan lé. `@` ni agbára tí ẹ̀rọ ń fún ọ̀pá ìgbóná, 127 sì ni òpin rẹ̀. Bí `T` bá ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nígbà tí `@` ti dé 127, ẹ̀rọ ń pàṣẹ iná ṣùgbọ́n iná náà kò dé. Bí `T` bá já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, wáyà tẹmísítọ̀ ni kí a fura sí, torí irin kò lè tutù kíákíá bẹ́ẹ̀. Ti èmi ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ní pàtàkì nígbà tí orí bá lọ sí ìkángun ọ̀tún, níbi tí wáyà ti ń fà.

Mo yọ ẹ̀rọ kúrò lára iná, mo jẹ́ kó tutù, mo sì tú wáyà ọ̀pá ìgbóná kúrò lára bọ́ọ̀dù kí n tó fi mítà wọ̀n ọ́n. Ọ̀pá 40 wáàtì ni. Bí a bá sọ fóòtì di ìlọ́po ara rẹ̀, tí a sì fi wáàtì pín in, 576 sí 40, ó yẹ kó jẹ́ ómù 14.4. Mítà kọ 14.6, kò sì yí padà bí mo ti ń tẹ wáyà láti ìdí dé orí. Ọ̀pá àti wáyà rẹ̀ wà pé.

Ibi tí wáyà ti wọ bọ́ọ̀dù ni àṣírí ti tú. Ike tó yí síkúrù ká ti di àwọ̀ ilẹ̀, ẹnu wáyà sì ní lẹ́ẹ̀dì tí ilé iṣẹ́ fi bò ó. Lẹ́ẹ̀dì kì í dúró sójú kan lábẹ́ síkúrù: ó ń tẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀, ìdè ń tú, ibẹ̀ ń gbóná, ìgbóná náà sì tún ń mú kó tú sí i. Mo gé ẹnu wáyà náà dànù, mo fi páìpù irin kékeré tí a ń tẹ̀ mọ́ ẹnu wáyà dè é, mo sì ní kí wọ́n pààrọ̀ ìdè tó jó náà. Ìdúró náà dópin.

Mo yẹ tẹmísítọ̀ wò pẹ̀lú. Irú èyí tó wọ́pọ̀ jẹ́ ómù 100,000 ní dígírì 25; nínú yàrá tó gbóná dé 30, ó máa ń sún mọ́ 80,000. Bí ẹ bá ń mi wáyà rẹ̀ tí nọ́ńbà ń fò, wáyà náà ti ń já nínú. Èyí tó bá já pátápátá máa ń mú ọ̀rọ̀ `MINTEMP` wá sójú ẹ̀rọ.

Mo ṣì fẹ́ràn ẹ̀rọ yìí, ṣùgbọ́n mi ò lè gbóríyìn fún lẹ́ẹ̀dì ẹnu wáyà yẹn, torí owó táṣẹ́rẹ́ ni wọn ì bá fi yẹra fún un. Àwọn kan ń gbani nímọ̀ràn pé kí a pa ààbò náà tàbí kí a fi kún ìṣẹ́jú àáyá rẹ̀. N kò gbà: lára ẹ̀rọ tèmi, ìyẹn ì bá jẹ́ kí ìdè tó ń jó máa jó lọ. Bí wáyà méjèèjì bá dára, ẹ wo rọ́bà tó bo irin orí ẹ̀rọ bóyá ó ti bọ́, kí ẹ sì wò ó bóyá fáànù tó ń mú ike tutù ń fẹ́ sí irin náà tààrà.