Amọ̀ sísun, erùpẹ̀ títẹ̀ tàbí ti simẹ́ńtì: bíríkì wo ni kí ẹ rà ní Kétu?

Ẹni tó fẹ́ kọ́lé sábà máa ń bèèrè pé, "Èló ni bíríkì kan?" Ìbéèrè yẹn máa ń tanni jẹ, torí ìwọ̀n wọn ò dọ́gba. Iye tí odindi ògiri máa ná yín ni kí ẹ bèèrè.

Ẹ jẹ́ ká mú yàrá tó fẹ̀ ní mítà 3, tó gùn ní mítà 4, tí ògiri rẹ̀ sì ga ní mítà 3. Bí a bá yọ ilẹ̀kùn àti fèrèsé, bíríkì simẹ́ńtì tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 40 tó sì ga ní 20, tó máa gbà á, á tó 460. Erùpẹ̀ títẹ̀, ìyẹn erùpẹ̀ tí wọ́n pò mọ́ simẹ́ńtì díẹ̀ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 29.5 tó sì ga ní 9.5, á tó 1,200. Tí owó ẹyọ erùpẹ̀ kan bá ti wọ ìdajì owó ti simẹ́ńtì, ògiri rẹ̀ ló máa wọ́n jù. Ìrẹ́ ni erùpẹ̀ fi ń gbà wá sílẹ̀: yàrá yìí, bí ẹ bá rẹ́ ẹ nínú lóde, lè jẹ àpò simẹ́ńtì 7, bẹ́ẹ̀ erùpẹ̀ tó dán kò nílò ìrẹ́ lóde, kí wọ́n sáà dí ojú oríkèé rẹ̀ dáadáa.

Ní ti agbára, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló tó gbé ilé tí kò ní òkè, bí ẹni tó ṣe é kò bá rẹ́ yín jẹ. Àpò simẹ́ńtì kan yẹ kó fún wa ní bíríkì simẹ́ńtì oníhò bíi 30 sí 35. Àwọn kan ń fà á dé 50. Ẹ fi ìṣó ha etí rẹ̀: bí iyanrìn bá ń dà wùrùwùrù, ẹ fi sílẹ̀.

Erùpẹ̀ títẹ̀ ni kí ẹ yẹ̀ wò jù. Ẹ rì í sínú omi mọ́jú. Bí etí rẹ̀ bá yọ́, simẹ́ńtì inú rẹ̀ kéré, tàbí wọn ò fi ọ̀rá bò ó kí ó máa tutù fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán. Èyí tó dáa pàápàá máa ń pàdánù bí ìdajì agbára rẹ̀ bí omi bá mu ún yó. Torí náà, ẹ fi bíríkì simẹ́ńtì mọ ìpìlẹ̀ títí yóò fi ga kúrò nílẹ̀, kí etí òrùlé sì yọ síta dáadáa.

Amọ̀ sísun tó jinná máa ń dún gbaangbaan bí ẹ bá fi méjì kan ara wọn. Èyí tó dún bòm̀, tí inú rẹ̀ sì dúdú nígbà tí ẹ bá fọ́ ọ, iná ò dé inú ẹ̀. Igi ìdáná àti owó ọkọ̀ ló ń mú un wọ́n.

Ní ti ooru, bíríkì oníhò tètè máa ń gbóná lọ́sàn-án. Erùpẹ̀ àti amọ̀ sísun máa ń pẹ́ díẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n bí páànù bá wà lórí yín láìsí àjà, kò sí bíríkì tó máa gbà yín, ẹ kọ́kọ́ ya owó àjà sọ́tọ̀.

Fún ilé ilẹ̀ ní Kétu, erùpẹ̀ títẹ̀ ni mo máa mú, bí bíríkìlà yín bá ti fi mọlé rí. Bí kò bá mọ̀ ọ́n lò, ẹ ra ti simẹ́ńtì. Amọ̀ sísun, àfi tí iléeṣẹ́ rẹ̀ bá wà nítòsí.