Kíríátíìnì Inú Ike: Mo Ń Lò Ó, Ṣùgbọ́n N Kò Bù Ú Fún Ọmọ Ọdún 15

Àgbàlagbà tó ń gbé irin ní jíìmù ni mí ní Iléṣà. Ike kíríátíìnì, èròjà tó ń fún iṣan lágbára, tí mò ń lò kò ní nǹkan mìíràn nínú. Lẹ́búlẹ́bú funfun ni, kò ní òórùn, omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ló sì ń tètè yọ́ sí. Nígbà tí apá mi bá fẹ́ kọ̀ṣẹ́, mo máa ń lè gbé irin náà sókè lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo wúwo sí i lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, àmọ́ omi tí iṣan fà mọ́ra ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló rí i. Ó ń sá eré 100 mítà fún ilé ìwé rẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bù díẹ̀ fún mi." Mo ní rárá.

Kì í ṣe májèlé. Ara wa fúnra rẹ̀ ń ṣe é, ẹran àti ẹja sì ń fi kún un. Wọn kò kà á mọ́ òògùn tí a fòfin dè fún eléré ìdárayá. Àmọ́ ara àgbàlagbà ni wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò jù. Ìwádìí lórí ọmọ tó ṣì ń ga, tó máa lò ó fún ọdún púpọ̀, kò tó nǹkan. Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà kò fi fẹ́ kí ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 lò ó. Àwọn onímọ̀ eré ìdárayá kan gbà á fún ọ̀dọ́ tó ń gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gidi, tó ń jẹun dáadáa, tí àgbà tó mọ̀ ọ́n sì ń ṣọ́.

Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sára ike mi: ṣíbí 4 lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, gíráàmù 5 nínú ṣíbí kan. Gíráàmù 20 nìyẹn. Ìṣirò fún ọ̀sẹ̀ yẹn ni gíráàmù 0.3 lóòjọ́ fún kílò kan tí èèyàn bá wọ̀n. Ọmọ wa wọn kílò 50, nítorí náà gíráàmù 15 ni ìṣirò náà máa fún un. Àgbà ni ike náà ń bá sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó nílò iye ńlá ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn: gíráàmù 3 sí 5 lóòjọ́ máa kún iṣan àgbàlagbà láàárín nǹkan bí oṣù kan. Èyí tó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ló máa ń fa ìgbẹ́ gbuuru tó ń fa omi ara jáde, oòrùn pápá sì ń dúró de ọmọ náà.

Ọ̀rọ̀ kíndìnrín ló ká mi lára jù. Kíríátíìnì máa ń di kíríátínínì, èyí tí wọ́n ń wọ̀n nínú ẹ̀jẹ̀ láti mọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́. Iye rẹ̀ lè lọ sókè láìjẹ́ pé kíndìnrín bàjẹ́. Bí ọmọ bá ń lò ó níkọ̀kọ̀, dókítà lè ṣi àyẹ̀wò náà kà. Ọmọ tó ní SS kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án láìrí dókítà, torí àìsàn yẹn ń ba kíndìnrín jẹ́ láti kékeré. Mo bi ẹ̀gbọ́n mi ní jínótáìpù ọmọ náà: AA ni.

Fún àgbàlagbà, mo fún un ní máàkì 4 nínú 5. Ẹ wá nọ́ḿbà NAFDAC lára ike, kí ẹ sì yẹra fún èyí tí wọ́n po kaféènì mọ́. Ọmọ náà ń jẹ ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja, ó sì ń tètè sùn. Bó bá pé 18 tó ṣì ń sáré, a ó kọ́kọ́ yẹ kíndìnrín rẹ̀ wò, kó tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gíráàmù 3.